Àwo Méjì Tí Kò Gbọ́ Èdè Ara Wọn

Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, àwọn ilé ìtajà ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ tuntun kan tí iléeṣẹ́ Toshiba ṣe. HD-A1 ni orúkọ rẹ̀, dọ́là 499 ni wọ́n ń tà á, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kíka àwo tí wọ́n ń pè ní HD DVD, tí àwòrán inú rẹ̀ mọ́ ju ti DVD tí gbogbo ayé mọ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi di ìparí oṣù kẹfà, ẹ̀rọ mìíràn ti wà lórí kántà kan náà. Samsung ló ṣe ìyẹn, dọ́là 999 ni, Blu-ray sì ni àwo tirẹ̀. Àwo méjèèjì fẹ̀ bákan náà, wọ́n ń dán bákan náà, iná léésà aláwọ̀ aró kan náà ni wọ́n sì fi ń kà wọ́n. Síbẹ̀, tí ẹ bá ti ọ̀kan bọ inú ẹ̀rọ èkejì, ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú tẹlifíṣọ̀n yín.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí Toshiba fi kéde pé òun ti ṣíwọ́. Ẹni tó ti ra HD DVD wá ní ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣe fíìmù tuntun fún mọ́. Irú ìjà báyìí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nínú eléyìí ni pé Toshiba àti Sony, àwọn tó ṣíwájú ikọ̀ méjèèjì, ti bára wọn jókòó lórí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an rí. Ní ọdún 1995, ikọ̀ méjì ni wọ́n, àwo méjì ni wọ́n gbé wá, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan kí ọjà tó ṣí. DVD ni wọ́n bí. Kí ló wá dé tí àwọn tó gbà nígbà náà fi kọ̀ ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀?

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà wo irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n máa ń gbé e kalẹ̀ bí eré: àwọn ta ló ń ta á, kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe, èrè wo ló sì wà nínú àbájáde kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1957, R. Duncan Luce àti Howard Raiffa tẹ ìwé kan jáde lórí eré àti ìpinnu, wọ́n sì sọ nínú rẹ̀ nípa tọkọtaya kan tó fẹ́ jáde lálẹ́. Ọkọ fẹ́ lọ wo ìjà ẹ̀ṣẹ́, aya fẹ́ lọ wo ijó. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fẹ́ dá nìkan lọ nínú wọn. Ó tẹ́ ọkọ lọ́rùn kó bá aya rẹ̀ lọ síbi ijó ju kó dá jókòó níbi ẹ̀ṣẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni aya rí. Ìfẹ́ pé kí wọ́n jọ wà papọ̀ kò sí ní iyèméjì. Ibi tí wọ́n á jọ wà ni ìjà wà.

Ẹ jẹ́ ká gbé eré náà bọ ọwọ́ Toshiba àti Sony, ká sì fi iye sí i. Èmi ni mo fi iye yìí sí i kí ọ̀rọ̀ náà lè ṣeé gbá mú. Kò sí nínú ìwé iléeṣẹ́ kankan. Tí àwọn méjèèjì bá lo ìlànà Toshiba, ọjà á tóbi, Toshiba á gba 10 nítorí pé òun ló ni ẹ̀rọ àti owó ẹ̀tọ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀, Sony á gba 6. Tí wọ́n bá jọ lo ìlànà Sony, Sony gba 10, Toshiba gba 6. Tí kálukú bá gba ọ̀nà tirẹ̀, ìbẹ̀rù á ba oníbàárà, ọjà á rọ, 2 péré ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ká ní wọ́n ti jọ wà lórí ìlànà Toshiba. Sony lè máa kùn nínú, ṣùgbọ́n tó bá dá nìkan sá padà sórí tirẹ̀, 6 rẹ̀ á di 2. Toshiba náà kò rí ìdí tó fi yẹ kó kúrò. Irú ibi báyìí, tí kò sí ẹni tó máa jèrè tó bá dá nìkan ṣí ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, ni John Nash ṣàlàyé ní ọdún 1950. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ibùdúró. Wàhálà tó wà nínú eré yìí ni pé tí wọ́n bá jọ wà lórí ìlànà Sony, ibùdúró nìyẹn náà. Méjì ló wà, àwọn méjèèjì ló sì le dáadáa. Ìṣirò fi wọ́n hàn wá, ó sì dákẹ́ lórí èyí tó yẹ ká lọ.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí kálukú bá ní láti pinnu láìmọ ohun tí ẹnìkejì ń rò? Ó ṣeé ṣírò. Ní àfikún sí ibùdúró méjì yẹn, ọ̀nà kẹta kan wà tí àwọn méjèèjì fi ń tẹ̀ sí ti ara wọn láìdá a lójú: kálukú di tirẹ̀ mú ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta, ó sì gbà fún ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wò ó láti ojú Toshiba. Tí Sony bá di tirẹ̀ mú ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta, Toshiba tó di tirẹ̀ mú máa rí 10 lẹ́ẹ̀kan àti 2 lẹ́ẹ̀mejì, àpapọ̀ 14 nínú ẹ̀ẹ̀mẹta. Tó bá gbà fún Sony, ó máa rí 6 lẹ́ẹ̀mejì àti 2 lẹ́ẹ̀kan, 14 náà ni. Ọgbọọgba ni, kò sí èyí tó dára jù, ìyẹn ló fi dúró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 14 tí a pín sọ́nà mẹ́ta kò tó 5. Ẹ ẹ̀ rí i pé ó kéré sí 6? Ẹni tó ń fi agídí wá 10 yìí, lápapọ̀, ohun tó kéré sí èyí tí ì bá gbà ká ní ó tẹrí ba lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ń kó lọ sílé. Nínú ìgbà mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọn ò ní pàdé. Ọ̀kan nínú márùn-ún yẹn tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín: kálukú ló gbà fún ẹnìkejì, wọ́n sì kọjá ara wọn lójú ọ̀nà.

Ohun tí ìṣirò yìí sọ ni pé àìgbọ́ra-ẹni-yé kò nílò ọ̀tá tàbí òmùgọ̀. Èèyàn méjì tí orí wọn pé, tí àwọn méjèèjì sì ń fẹ́ àdéhùn, lè pàdánù rẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n rí i lọ. Nítorí náà ohun tó yẹ ká wá ni ohun tó mú kí wọ́n pàdé nígbà tí wọ́n pàdé.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1994, Sony àti Philips, àwọn tó ti jọ ṣe síídì, fi àwo kan tí wọ́n pè ní MMCD han ayé. Àwo kan ṣoṣo tó nípọn ní mìlímítà 1.2 bíi ti síídì ni, ó sì lè gba gígábáìtì 3.7. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Toshiba àti Time Warner, pẹ̀lú Matsushita àti àwọn mìíràn, gbé tiwọn jáde, wọ́n pè é ní SD. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan mìlímítà 0.6, gígábáìtì 5 ló sì lè gbà lójú kan. Gbogbo ẹni tó wà nídìí òwò náà ló rántí ìjà Betamax àti VHS. Sony ti mú Betamax jáde ní 1975, JVC mú VHS tẹ̀ lé e ní 1976, ìjà náà sì fà títí Sony fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ VHS ní 1988. (Kásẹ́ẹ̀tì dúdú gbọ̀ngbọ̀n tí àwọn eléré wa fi ń ta fíìmù ní Idúmọ̀tà ní àwọn ọdún 1990, VHS ni. Ìjà yẹn ti parí kí tiwa tó bẹ̀rẹ̀.)

Ohun tó gbà wọ́n sílẹ̀ kò ti inú ikọ̀ méjèèjì wá. Àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló dá sí i. Wọ́n fẹ́ kí àwo tuntun náà wà nínú kọ̀ǹpútà, wọn ò sì fẹ́ ra ẹ̀rọ oríṣi méjì. Apple, Compaq, Hewlett-Packard, IBM àti Microsoft para pọ̀ di ìgbìmọ̀ kan tí Alan Bell láti IBM ń darí. Ìgbìmọ̀ náà sọ fún ikọ̀ méjèèjì pé àwọn kò ní ra MMCD, àwọn kò sì ní ra SD, àfi tí wọ́n bá sọ méjèèjì di ọ̀kan. Lou Gerstner tó jẹ́ ọ̀gá àgbà IBM náà bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ padà sí iye wa, ẹ ó rí ohun tí wọ́n ṣe gan-an. Wọn kò fi kún 10 ẹnikẹ́ni, wọn kò fi kún 6. Èrè tó wà nínú àìgbọ́ra-ẹni-yé ni wọ́n mú kúrò, 2 wá di bí òfo. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ń bá agídí lọ mọ̀ pé òfo lòun ń dì mú. Ṣùgbọ́n ìhalẹ̀ nìkan kò lè sọ ẹni tó máa tẹrí ba. Ibẹ̀ ni ìmọ̀-ẹ̀rọ ti ṣojú rere sí wọn, torí pé ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ṣeé pín. Wọ́n mú ike méjì tí a lẹ̀ mọ́ra, ti Toshiba. Wọ́n mú ọ̀nà tí a fi ń to àmì sórí àwo, tí wọ́n ń pè ní EFMPlus, láti ọ̀dọ̀ Sony àti Philips. Kees Schouhamer Immink ti Philips ló ṣe é. Ọ̀nà yìí ń gba àyè díẹ̀ sí i, ó sì ń mú kí àwo lè fara da ìhá àti ìdọ̀tí. Nítorí àyè tó gbà yẹn ni gígábáìtì 5 ti Toshiba ṣe wálẹ̀ di 4.7. Tí ẹ bá rí àwo DVD tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí, ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: 4.7GB. Àmì ìlàjà nìyẹn. Wọ́n kéde àdéhùn náà ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, DVD sì dé ọjà Japan ní oṣù kọkànlá ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2002, iléeṣẹ́ mẹ́sàn-án kéde Blu-ray. Sony àti Philips wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ wo àwọn tó kù: Matsushita àti Hitachi, tí wọ́n wà lẹ́yìn Toshiba ní 1995, ti wà lódì kejì báyìí. Toshiba àti NEC gbé àwo tiwọn kalẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, òun ló wá di HD DVD.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò ju bí irun orí mélòó kan ṣe nípọn tó lọ, òun ló sì fa gbogbo ìjọ̀ngbọ̀n. Iná léésà gbọ́dọ̀ gba inú ike kọjá kó tó dé ibi tí àmì wà. Nínú HD DVD, mìlímítà 0.6 ni iná náà ń gbà kọjá, bó ṣe rí nínú DVD gan-an. Nínú Blu-ray, mìlímítà 0.1 péré ni. Bí àmì bá ṣe sún mọ́ ìta tó, lẹ́ǹsì á lè kó iná jọ sójú kan tó kéré sí i, àmì púpọ̀ á sì gba inú àwo náà. Ìdí nìyẹn tí Blu-ray fi gba gígábáìtì 25 ní ìpele kan, tí HD DVD sì gba 15. Ṣùgbọ́n 0.6 ní èrè tirẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń tẹ DVD lè ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí ẹ̀rọ rẹ̀ kó sì máa tẹ HD DVD, nígbà tí ti Blu-ray ń béèrè ẹ̀rọ tuntun. Owó kékeré ni Toshiba ń tà, àyè púpọ̀ ni Sony ń tà.

Ẹ kíyè sí ibi tí 0.6 yìí ti wá. Inú àdéhùn 1995 ni. Ohun tó parí ìjà àkọ́kọ́ ti di ilé àti ẹ̀rọ fún ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ náà kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó ní ọdún 2005 láti wá ìṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ yìí ni wọ́n kọlù. Kò sí àárín tó ṣeé gbà. Tí wọ́n bá ṣe é ní 0.3, Sony pàdánù àyè, Toshiba pàdánù ẹ̀rọ àtijọ́, ẹnikẹ́ni ò jèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kò ṣeé pín bí EFMPlus ṣe ṣeé pín. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ, ìjíròrò ti fọ́.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà tó làjà nígbà ìṣáájú wá ńkọ́? Wọ́n ti pín. Hewlett-Packard àti Dell ti lọ sọ́dọ̀ Blu-ray ní ọdún 2004, Apple tẹ̀ lé wọn ní 2005. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, Microsoft àti Intel kéde pé HD DVD làwọn ń tì lẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n lè sọ pé àwọn kò ní ra ti ẹnikẹ́ni kò sí mọ́. Lójú tèmi, èyí ló burú jù nínú gbogbo ìtàn náà, ó sì burú ju ọ̀rọ̀ mìlímítà lọ. Onílàjà tó ti gba ẹ̀gbẹ́ kan kò lè sọ èrè ìjà di òfo. Ńṣe ló máa fi kún ìrètí ẹni tó lọ bá.

Ìrètí yìí ló yí eré náà padà, ẹ jẹ́ ká sì fi iye wò ó. Ká ní ìjà bẹ́, ẹni tó bá borí á kó gbogbo ọjà, ó sì tó 14. Ẹni tó ṣubú á gba 0. Ìjà ti jẹ nínú rẹ̀, torí pé 10 àti 6 tí wọn ì bá jọ pín jẹ́ 16. Ẹni tó bá gbà pé ìdajì-ìdajì ni àǹfààní òun láti borí, 7 ló ń retí. 7 ju 6 lọ, kò ní tẹrí ba. Ẹnìkejì náà á ronú bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n pín 16 náà dọ́gba nígbà náà, kí kálukú gba 8, torí 8 ju 7. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbà pé ìgbà mẹ́fà nínú mẹ́wàá lòun máa borí, 8.4 ló ń retí, 8 kò sì tó o mọ́. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá ti Toshiba àti mẹ́fà nínú mẹ́wàá ti Sony jẹ́ méjìlá nínú mẹ́wàá. Ẹnì kan ń tan ara rẹ̀ jẹ, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa mọ ẹni náà láìjà. Toshiba ní ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé: owó pọ́ọ́kú, àti Microsoft. Sony náà ní tirẹ̀: iléeṣẹ́ fíìmù tirẹ̀, àti ẹ̀rọ géèmù PlayStation 3 tó ń bọ̀.

Ọjà ṣí ní 2006. Universal ń ṣe fíìmù fún HD DVD nìkan. Disney, Fox àti Sony fúnra rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Blu-ray. Warner àti Paramount ń ṣe fún méjèèjì. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀rọ kan tó lè fún ẹ ní gbogbo fíìmù tí o fẹ́ wò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń bá DVD wọn lọ. LG gbìyànjú láti gba ọ̀nà mìíràn: ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó gbé ẹ̀rọ tó ń ka àwo méjèèjì jáde. Dọ́là 1,199 ni. Ó rọrùn láti rò pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó pa iná ìjà, ṣùgbọ́n oníbàárà ló ń san owó àìgbọ́ra-ẹni-yé àwọn ọlọ́jà níbẹ̀, ó sì wọ́n.

Thomas Schelling, nínú ìwé tó kọ ní 1960 lórí ọgbọ́n ìjà, ṣàlàyé ohun kan tó wúlò níbí. Nínú eré oníbùdúró méjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ́ kó hàn kedere pé òun kò lè padà mọ́ ló ń jèrè, torí pé ẹnìkejì wá ní láti yàn láàárín ìtẹríba àti òfo. Ìlérí ẹnu kò tó. Ó gbọ́dọ̀ na ẹni náà ní ohun tó dunni. PlayStation 3 ni Sony fi ṣe tirẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ Blu-ray sínú gbogbo rẹ̀ ní ìparí 2006, iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì di dọ́là 499 àti 599. Ohun tó ń mú iná aláwọ̀ aró jáde kò pọ̀ tó, èyí sì mú kí ẹ̀rọ náà pẹ́ dé Yúróòpù títí di oṣù kẹta ọdún 2007. Ìpalára ńlá ni fún òwò géèmù, àmọ́ ó fi ẹ̀rọ Blu-ray sínú ilé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn tí kò lọ sọ́jà láti ra Blu-ray. Microsoft ṣe òdìkejì. Ẹ̀rọ HD DVD tirẹ̀ dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Xbox 360, ó ń tà á ní dọ́là 199, ẹni tó bá fẹ́ ló ń rà á. Ẹni tó ń wo Microsoft láti ìta rí i pé ó lè fi HD DVD sílẹ̀ nígbàkigbà láìfarapa.

Toshiba ní tirẹ̀ gbé owó lé owó. Àwọn tó tú HD-A1 wò ṣírò pé ohun èlò inú rẹ̀ nìkan ju dọ́là 600 lọ, nígbà tí wọ́n ń tà á ní 499. Ní oṣù kẹjọ 2007, Paramount fi Blu-ray sílẹ̀, ó dúró ti HD DVD nìkan, ìwé ìròyìn New York Times sì kọ ọ́ pé owó tó tó mílíọ̀nù 150 dọ́là ló wà lẹ́yìn ìpinnu náà fún Paramount àti DreamWorks Animation. Ní oṣù kọkànlá, Walmart ta HD-A2 ní dọ́là 98.87. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí ìjà ìlànà ti wọ ibi tó le, kó máa wo irú nǹkan wọ̀nyí. Tí iléeṣẹ́ bá ti ń ta ọjà ní iye tó kéré sí ohun tó fi ṣe é, tó sì ń san owó fún ẹlòmíràn kó má bàa bá ọ̀tá ṣe, kì í ṣe ọjà ló ń tà mọ́. Ìgbàgbọ́ ló ń rà: ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbà pé gbogbo ènìyàn ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ní oṣù kọkànlá yẹn kan náà, Howard Stringer, ọ̀gá Sony, sọ ọ́ ní gbangba pé ìjà náà kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn.

Warner ni ọ̀rọ̀ wá kù sí lọ́wọ́. Òun ló tóbi jù nínú àwọn tó ń ta fíìmù sínú ilé, òun nìkan ló sì ṣì ń ṣe oríṣi méjèèjì nínú àwọn ńlá. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2008, ó kéde pé Blu-ray nìkan lòun á máa ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ HD DVD ti ṣètò ìpàdé oníròyìn fún àfihàn ńlá Las Vegas ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Wọ́n fagi lé e. Ohun tó tẹ̀ lé e yára. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, Netflix ní Blu-ray lòun á máa rà. Ní ọjọ́ 15, Walmart sọ bẹ́ẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 19, Atsutoshi Nishida, ọ̀gá Toshiba, kéde ìparí HD DVD, ọdún mẹ́fà gééré lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ mẹ́sàn-án kéde Blu-ray. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Universal àti Paramount ti kó ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ Blu-ray.

Àwo náà kò yí padà láàárín oṣù méjì yẹn. Àwòrán HD DVD kò di bàìbàì lójijì, Blu-ray kò sì mọ́ sí i. Ìgbàgbọ́ ló yí. Nígbà tí Netflix rí Warner, ó mọ̀ pé Walmart náà ti rí i, Walmart sì mọ̀ pé Netflix ti mọ̀. Nínú eré tí ìbùdúró rẹ̀ jẹ́ méjì, ìròyìn kan tí gbogbo ènìyàn jọ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lè ṣí gbogbo ilé náà láti ibì kan sí ibòmíràn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn ọdún tí owó kò fi lè mú un mì.

Joseph Farrell àti Garth Saloner ti kọ̀wé ní ọdún 1988 láti fi ọ̀nà méjèèjì wéra: kí àwọn iléeṣẹ́ jókòó nínú ìgbìmọ̀, tàbí kí wọ́n jáde lọ sọ́jà kí ẹnì kan kọ́kọ́ ṣáájú. Nínú ìṣirò wọn, ìgbìmọ̀ ń pẹ́, torí pé kálukú ń dúró kí ẹnìkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń yọrí sí ìṣọ̀kan, èrè rẹ̀ sì ju ti ọjà lásán lọ kódà tí a bá yọ àkókò tó ṣòfò kúrò. Eré ẹni méjì tiwọn àti tiwa ní ààlà tirẹ̀ o. Warner kì í ṣe Sony, kì í ṣe Toshiba, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú tábìlì 10 àti 6 wa. Oníbàárà tó fọwọ́ lẹ́rán kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìṣirò náà lè sọ ìdí tí ìjà fi bẹ́. Ẹni tó máa parí rẹ̀ sábà máa ń wá láti ìta.

Ní ọdún 2009, Toshiba béèrè láti wọ ẹgbẹ́ Blu-ray, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ Blu-ray lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀ lọ́dún náà. Ibùdúró tó kọ̀ ní 2005 ló dé yìí, lórí ìlànà Sony. Nínú tábìlì wa, 6 ló ń dúró dè é níbẹ̀ nígbà náà, torí pé ẹni tó bá wọlé nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ ìlànà lè fi iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ sínú rẹ̀, kó sì máa gba owó ẹ̀tọ́ lórí ohun tí gbogbo ayé bá ṣe. Ní 2009, wọ́n ti kọ ìlànà náà tán, ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní iye, àwọn kan sì ti ń wo fíìmù láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì láìlo àwo kankan.